Wọn ó rìn: bí a ṣe ń gé ẹsẹ gígùn kù fún ojú fóònù

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ṣíìfù alẹ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Aísáyà 40:31 ni mo fi ṣe wọ́lípépà fóònù mi, odindi ẹ̀, àmọ́ aago bo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìyókù sì kéré débi pé mi ò kí ń kà á mọ́. Mo fẹ́ kó kúrú, kó jẹ́ ohun tó lè ta mí jí láago mẹ́ta òru, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́. Ibo ni kí n ti gé e?"

Àbúrò mi, ìparí ẹ̀ ni kí o mú: "Wọn ó rìn, àárẹ̀ kì yóò sì mú wọn." Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré. Jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe débẹ̀, torí kò ní pẹ́ tí wàá fi fẹ́ gé òmíràn, èmi sì ti ń gé irú ẹ̀ fáwọn èèyàn tipẹ́, fún bánà, fún kálẹ́ńdà ìjọ, fún ojú fóònù, mo sì ti rí oríṣiríṣi ọ̀nà téèyàn lè gbà bà á jẹ́ láìmọ̀.

Odindi ẹsẹ náà rèé, ní àkọtọ́ òde òní, ká lè jọ máa wò ó:

"Ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá dúró de Olúwa yóò tún agbára wọn ṣe, wọn ó fi ìyẹ́ gun òkè bí idì, wọn ó sáré, kì yóò sì rẹ̀ wọ́n, wọn ó rìn, àárẹ̀ kì yóò sì mú wọn."

Kà á, ọ̀rọ̀ méjìdínlógójì ni. Nínú ìwé, kò gùn rárá. Lójú fóònù ńkọ́? O tẹ fóònù kí o lè mọ aago tó lù, ojú ẹ kan ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, o ti gbé e sápò padà. Ohun tí ojú lè gbé láàárín ìgbà yẹn láìjẹ́ pé ó jókòó kàwé kò ju ọ̀rọ̀ méjìlá lọ, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló tiẹ̀ dáa jù. Ìdí nìyẹn tí o ò fi kà á mọ́, kì í ṣe pé ìfẹ́ tí o ní sí ẹsẹ yẹn ti tutù, ojú ẹ kàn ti sọ ọ́ di àwòrán ni, ó ń fò ó bí ìgbà tó ń fo òdòdó tó wà lẹ́yìn ẹ̀.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe tí wọ́n bá ní kí wọ́n gé e kù ni pé wọ́n á kó gbogbo ìtumọ̀ ẹ̀ jọ, wọ́n á wá kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara wọn: "Olúwa yóò fún mi lágbára." Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, idì ti lọ, eré ti lọ, ìrìn ti lọ, ohun tó kù ò ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ìyẹn kì í ṣe gígé, ìyẹn ni pé o kó ọ̀rọ̀ ẹlòmíì dà nù, o wá fi tìẹ dípò. Gígé túmọ̀ sí pé kí o wá ibì kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kí o mú un bó ṣe wà, kí o má fọwọ́ kan inú ẹ̀, kí o sì fi ìyókù sílẹ̀.

Àwa Yorùbá sì ti mọ iṣẹ́ yìí kí fóònù tó dé. Báwo la ṣe ń pòwe? Àgbàlagbà á ní "Àgbà kì í wà lọ́jà," á dákẹ́. Ìwọ tí o gbọ́ lo máa parí ẹ̀ nínú ara ẹ pé kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ba òwe jẹ́. Àbọ̀ tó sọ yẹn ló fa àbọ̀ kejì jáde, torí inú ẹ ni àbọ̀ kejì wà tẹ́lẹ̀. Ojú fóònù ẹ ò yàtọ̀ síyẹn. Ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ fún ara ẹ, o sì mọ ẹsẹ yẹn lórí, nítorí náà wọ́lípépà ò nílò láti gbé gbogbo ẹ̀, àbọ̀ tó máa pe ìyókù jáde ló nílò. Ọ̀rọ̀ wá kù sí pé: àbọ̀ wo?

Kí o tó lè mọ̀ ọ́n, o ní láti wo bí wọ́n ṣe to ẹsẹ yẹn. "Ṣùgbọ́n" tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ nìkan, ẹsẹ 30 ló so ó mọ́, níbi tó ti sọ pé àwọn ọ̀dọ́ pàápàá á rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á ṣubú. Ìyẹn ni pé tí o bá gbé "Ṣùgbọ́n" sójú fóònù, ṣe ló dà bí ẹni tó wọlé tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèyàn lóhùn láìsí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ kúrò. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, àwọn tó dúró de Olúwa. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ìlérí fúnra ẹ̀, pé wọ́n á tún agbára wọn ṣe. Àwòrán mẹ́ta wá tẹ̀ lé e: fífò, sísáré, rírìn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o dúró díẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi àti ẹ la máa to àwòrán mẹ́ta yẹn, rírìn la máa kọ́kọ́ mú, ká tó sáré, ká tó wá fò, torí bí èèyàn ṣe ń dàgbà sókè nìyẹn. Aísáyà yí i padà. Ó ti orí òkè bọ̀ wá sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tó ń tẹlẹ̀ parí ẹ̀. Orí yẹn ń bá àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì sọ̀rọ̀, àwọn tó ti sú débi pé ní ẹsẹ 27 wọ́n ń sọ pé ọ̀nà àwọn pa mọ́ kúrò lójú Olúwa. Ìrìn àjò tó jìnnà ló wà níwájú wọn láti padà sílé, kò sì sẹ́ni tó máa fò dé Jerúsálẹ́mù. Èrò tèmi ni pé ìrìn ni ìwúwo ẹsẹ yẹn fì sí. Ìwọ náà ńkọ́, láago mẹ́ta òru, láti bẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì, tí o ń gbé ẹ̀rọ ìfúnpá kiri? Kì í ṣe fífò lò ń ṣe. Ohun tí o nílò kó wà lójú fóònù ni pé ẹni tó ń rìn kò ní rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú ìparí ẹ̀ fún ẹ nìyẹn, ká ní ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá okòwò sílẹ̀ ló bi mí, ó ṣeé ṣe kí n fún un ní idì.

Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: ó dá dúró. Gbólóhùn tó pé ni, ó ní ẹni tó ń ṣe nǹkan, ó ní ohun tó ń ṣe, ó sì ní ìparí. O ò yọ ọ̀rọ̀ kankan láàárín ẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti fi àmì tóótòòtó sí i. "Sì" yẹn pàápàá, mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ á máa yún ẹ láti yọ ọ́ torí ó dà bí èyí tí kò ṣiṣẹ́ kankan, jọ̀ọ́ fi í sílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ ká gbọ́ pé ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀, wọn ó rìn, àárẹ̀ kì yóò sì mú wọn. Kà á sókè láìfi í kún un, wàá rí i pé ó já lẹ́nu.

Ní ti idì, "Wọn ó fi ìyẹ́ gun òkè bí idì," òun náà dá dúró, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ ni, kò sí àléébù kankan lára ẹ̀ bí o bá fẹ́ ẹ. Àfi kí o ṣọ́ àmì ohùn. Mo ti rí i lórí fóònù ẹnì kan tí wọ́n kọ ọ́ láìsí àmì, "bi idi," ọmọ ẹ̀ tó ń kà á sì bi í pé ìdí kí ni. Idì ni ẹyẹ, ìdí ni ibi tí a fi ń jókòó. Ìyẹ́ náà, tí o bá yọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ẹ̀, "iye" ló kù, bíi iye owó. Nínú gbólóhùn gígùn, ìyókù ọ̀rọ̀ á ran òǹkàwé lọ́wọ́ láti mọ èyí tí a ń wí, nínú gbólóhùn kúkúrú kò sí olùrànlọ́wọ́. Bí ìlà bá ṣe ń kúrú sí i ni àmì ohùn ṣe ń níye lórí sí i.

Ìkẹta tí àwọn èèyàn fẹ́ràn ni "Dúró de Olúwa," ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó wọni lára gan-an. Ṣùgbọ́n má ṣe kọ Aísáyà 40:31 sábẹ́ ẹ̀. Nínú ẹsẹ yẹn, kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn kan ni, "àwọn tí ó bá dúró de." Tí o bá gé e níbẹ̀, ìròyìn ti di àṣẹ. Tó bá jẹ́ àṣẹ lo fẹ́, lọ mú un níbi tó ti jẹ́ àṣẹ lóòótọ́, Sáàmù 27:14, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, òun náà ló sì fi parí. Ọ̀rọ̀ kan náà, àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀tọ̀. Má sì gé e kù sí "Dúró" nìkan o, torí láìsí "de," ẹni tó ń rìn lo ní kó dá ẹsẹ̀ dúró.

Ìyẹn mú mi dé ibi tí ọ̀bẹ ti máa ń ṣèèṣì jù nínú èdè wa. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá ló pín sí méjì, tí nǹkan mìíràn á wà láàárín ẹ̀. "Tún agbára wọn ṣe," tún àti ṣe, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Tí ìlà bá tán lórí "yóò tún agbára wọn" tí "ṣe" sì ṣubú sílẹ̀, tún ti di ti àtúnwí, kò sì sí ìtumọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbà gbọ́, bà jẹ́, pa mọ́. Kí o tó gbé ọ̀bẹ, wá ìkejì ọ̀rọ̀ ìṣe náà lọ, rí i dájú pé àwọn méjèèjì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kékeré tó gbé gbogbo ẹrù. "Kì" jẹ́ lẹ́tà méjì, yọ ọ́ kúrò kí o wo ohun tó ṣẹlẹ̀: àárẹ̀ yóò sì mú wọn. Èyí tó dùn mí jù lára iṣẹ́ ọwọ́ mi, irú ẹ̀ ni. Oníbàárà kan fẹ́ ìlà kúkúrú láti Tímótì Kìíní 6:10, "Nítorí ìfẹ́ owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo." Mo yọ "nítorí," ìyẹn dáa, mo tún yọ "ìfẹ́" torí pé ààyè ò gba ìlà náà mọ́ pẹ̀lú fọ́ǹtì ńlá tó ní òun fẹ́. "Owó ni gbòǹgbò ohun búburú gbogbo." Ó jáde, ó lẹ́wà, ó sì ta lójú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé tí wọ́n pín. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí bàbá àgbà kan tó pè mí, ó ní ọmọ mi, owó ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ìfẹ́ ẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Mi ò rí èsì fọ̀ fún bàbá. Láti ọjọ́ yẹn, tí ààyè ò bá gba ọ̀rọ̀, fọ́ǹtì ni mo máa ń dín kù, mi ò dín ọ̀rọ̀ tó gbé ìtumọ̀ mọ́. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé màá gé e tán, màá wá bi ara mi pé: ṣé ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí á gbà pé òun ló sọ ọ́? Tí mo bá ní láti ṣàlàyé kí n tó dáhùn, màá padà lọ gé ibòmíì.

Wàyí o, ẹnì kan lè bi ẹ́ pé ìlérí lo mú, o fi májẹ̀mú ẹ̀ sílẹ̀, torí "wọn" inú ìlà yẹn, àwọn tó dúró de Olúwa ni, kì í ṣe gbogbo èèyàn. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ kí o fojú kéré ẹ̀. Lórí fóònù tìẹ, o mọ ẹni tí "wọn" jẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò lè ṣì ẹ́ lọ́nà. Ṣùgbọ́n tí o bá máa fi ránṣẹ́ sáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ ní wọ́ọ̀dù, tàbí kí o gbé e sí sítátọ́ọ̀sì, kọ "Aísáyà 40:31" sábẹ́ ẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ "wọn" lè ṣí i wò. Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn ò ka ọ̀rọ̀ sí ẹ lọ́rùn, ojú kì í kà á, ó kàn ń jókòó síbẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí a ò tì.

O sì lè fẹ́ kó di tìẹ gan-an, "Màá rìn, àárẹ̀ ò ní mú mi." Ó dùn, mo mọ àwọn tí irú ẹ̀ ń gbé ró. Àmọ́ nígbà tí o bá ti yí "wọn" padà sí "mi," àdúrà ẹ nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Aísáyà mọ́. Yọ àdírẹ́ẹ̀sì kúrò lábẹ́ ẹ̀, má sì fi sínú àmì àyọlò. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀, kí ọ̀kan má kàn jẹ́ orúkọ èkejì.

Tí o bá ti mú ìlà ẹ tán, dán an wò báyìí kí o tó gbé e sórí fóònù: pe ẹnì kan tó mọ Bíbélì, màmá ẹ tàbí ọ̀rẹ́ ẹ, má sọ orí àti ẹsẹ, kàn ka ìlà yẹn sí i létí kí o sì dákẹ́. Tó bá fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa idì, nípa dídúró de Olúwa, àbọ̀ tí o mú ti pe àbọ̀ kejì jáde. Tó bá ní "ìyẹn dáa, kí ló wá ṣẹlẹ̀?" ibi tí o gé ò tíì jinlẹ̀ tó.

Ó kù bí o ṣe máa tò ó. Má kọ ọ́ gbọọrọ ní ìlà kan, lẹ́tà á tún kéré. Ibi tí èémí ti ń dúró ni kí o ti já a:

Wọn ó rìn,
àárẹ̀ kì yóò
sì mú wọn.

Ìlà àkọ́kọ́ kúrú, ó dúró bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan, èyí tó kù wá tẹ̀ lé e. Tí ìlà kejì bá tóbi jù fún fóònù ẹ, dín lẹ́tà kù, má já "kì" sọ́tọ̀ sí ìparí ìlà kan kí "yóò" wá bọ́ sí òmíràn, torí ojú tó ń sáré lè fo "kì" yẹn, o sì ti rí ohun tó máa kù.

Ní ti fọ́ǹtì, àwọn alárà tó rí bí ìkọ̀wé ọwọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ Yorùbá. Lẹ́tà ẹ tó ní àmì ohùn lókè àti àmì nísàlẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ máa ń gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀ ni, fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe ibi ìjókòó fún un á gbé àmì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí kékeré rọ́pò ẹ̀, tàbí kó yá lẹ́tà yẹn látinú fọ́ǹtì mìíràn tí kò jọ ìyókù. Kọ "àárẹ̀" nìkan kí o kọ́kọ́ wò ó, torí lẹ́tà "ẹ̀" tó wà níparí ló máa tú u fó. Noto Sans àti Noto Serif gbà á dáadáa, àwọn méjèèjì sì wà nínú Canva. Jẹ́ kí ààyè tó wà láàárín ìlà fẹ̀ díẹ̀ ju bí áàpù ṣe fún ẹ lọ, kí àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ìlà òkè má baà kọlu àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀, má sì lo lẹ́tà ńlá fún gbogbo ẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọlu ara wọn jù.

Aago tó bo ọ̀rọ̀ ẹ, ọ̀nà tó rọrùn wà. Ti fóònù ẹ pa, tẹ̀ ẹ́ kí ojú ẹ̀ là láìṣí i, kí o wá ya skrínṣọ́ọ̀tì ibẹ̀, nígbà tí mẹ́séèjì kan tàbí méjì bá wà lórí ẹ̀. Gbé skrínṣọ́ọ̀tì yẹn wọnú áàpù tí o fi ń ṣe dìsáìnì, orí ẹ̀ gan-an ni kí o ti kọ ìlà mẹ́ta yẹn, níbi tí aago ò dé, tí mẹ́séèjì ò dé, tí tọ́ọ̀ṣì àti kámẹ́rà ìsàlẹ̀ ò sì dé. Nígbà tó bá ti jókòó dáadáa, yọ skrínṣọ́ọ̀tì lẹ́yìn ẹ̀ kí o fi àwọ̀ kan ṣoṣo tó ṣókùnkùn rọ́pò ẹ̀, lẹ́tà funfun lórí ẹ̀, kó má baà gún ẹ lójú nínú òkùnkùn wọ́ọ̀dù. Ìwọ̀n àwòrán ẹ á bá ti fóònù mu láìṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n, torí ara fóònù yẹn náà lo ti yà á. Tí o bá wá fẹ́ gbé e sípò, fóònù lè sún un tóbi kó gé etí ẹ̀ dà nù, fi ìka méjì fún un padà kó tó gbà, kí o sì fi ààyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì láti ìbẹ̀rẹ̀.